Ímeèlì ò ní orúnkún tó lè fi kúnlẹ̀

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá mọ ẹjọ́ ara rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ojúkojú ni wọ́n ń sọ. Nílẹ̀ wa, tí èèyàn bá ṣẹ ẹlòmíì, ó máa lọ bá a nílé. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ náà bá le, wọ́n á mú àgbàlagbà kan dání kó bá wọn bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń bẹ á wo ojú wọn, á gbọ́ ohùn wọn, á rí òógùn níwájú orí wọn. Kí wọ́n tó sọ gbólóhùn mẹ́ta, inú rẹ̀ ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ímeèlì ò ní gbogbo ìyẹn. Kò lójú, kò lóhùn, kò ní orúnkún. Tí ẹ bá kọ "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú" sínú rẹ̀ nígbà mẹ́wàá, ẹni tó ń kà á lórí fóònù nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ò rí ìdọ̀bálẹ̀ kankan níbẹ̀. Ohun tó máa ń dípò ìkúnlẹ̀ nínú ímeèlì ni ọjọ́, aago àti iye. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ wa ò sì tíì gbà bẹ́ẹ̀. Tí gbèdéke bá ti kọjá lórí iṣẹ́ oníbàárà, irú lẹ́tà tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wa. Iná ò sí láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rọ tún wá bàjẹ́. Ẹ ṣáà máa fọkàn balẹ̀, a ti ń parí ẹ̀. Láìpẹ́, iṣẹ́ yín máa dé. Ọlọ́run á máa bù kún yín."

Kò sí èébú níbẹ̀, àdúrà sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà, kẹ́ ẹ fi ara yín sípò oníbàárà. Kí ló lè ṣe lẹ́yìn tó kà á tán? Ṣé kó wá ẹlòmíì tó máa ṣe iṣẹ́ náà ni? Ṣé kó sún òde síwájú? Ṣé kó sọ fún awakọ̀ tó ti háyà pé kó máa lọ, àbí kó dúró? Lẹ́tà yẹn ò jẹ́ kó lè pinnu ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí yóò fi gbé fóònù, tí yóò sì fi ìbínú bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, ká sì tẹ̀ lé e dé ìparí. Ṣómólú l'Ékòó ni ká fi ṣe ibùdó, níbi tí ilé ìtẹ̀wé pọ̀ sí bí ìsọ̀ ọjà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹgbẹ́ àwọn tó jáde nílé ìwé kan fẹ́ ṣe àjọ̀dún 50 ọdún. Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, màmá kan tó ti fẹ̀yìntì, gbé ìwé ìrántí fún atẹ̀wé kan. Ẹ̀dà 1,200 ni, ojú ewé 48 láìka èèpo ẹ̀yìn, ìwọ̀n A5, ìyẹn ìdajì pépà A4. Àdéhùn ni pé ìwé máa dé ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà máa wá dì í sínú báàgì pẹ̀lú àwọn ẹ̀bùn míì. Aago 10 àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta sì ni òde.

Ní aago 10 àárọ̀ Ọjọ́rú yẹn, rólà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàjẹ́. Èèpo 1,200 ti jáde nígbà náà. Nínú ojú ewé 48, 16 ló máa ń gba orí pépà ńlá kan, iwájú àti ẹ̀yìn, torí náà pépà mẹ́ta ló di ìwé kan. Wọ́n ti tẹ méjì tán. Ìkẹta ló kù tí ẹ̀rọ fi kú. Atẹ̀wé pe àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, wọ́n tú u, wọ́n tò ó, títí aago 4 fi lù. Fóònù rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀mejì lórí tábìlì, màmá ló ń pè, kò gbé e. Ohun tó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ ni pé, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ibi tó máa já sí ná."

Ibẹ̀ ni ẹ̀bi wà. Rólà lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sí oníbàárà tó gbọ́n tí ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ láti aago 10 sí aago 4 jẹ́ wákàtí 6, atẹ̀wé ti mọ̀ nígbà náà pé iṣẹ́ ò ní bá àdéhùn, màmá ò mọ̀. Ká ní wọ́n pè é ní aago 10, ì bá ti sọ fáwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà yẹn kí wọ́n má wá l'Ọ́jọ́bọ̀, ì bá sì ti bá alága ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ níta. Torí náà, tí atẹ̀wé bá jókòó láti kọ ẹ̀bẹ̀, ohun tó ní láti tọrọ àforíjì fún ni ìdákẹ́ rẹ̀, torí ìyẹn ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Tó bá ń tọrọ àforíjì lórí rólà, ńṣe ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò ṣe, tó sì ń fi ohun tó ṣe pamọ́. Oníbàárà sì máa ń rí ìyàtọ̀ yẹn.

Kó tó kọ ohunkóhun, iṣẹ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe: ìṣirò. Ìtìjú ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi mú ọjọ́ tuntun. Ojú ń tì wọ́n, wọ́n á ní "lọ́la", torí pé "lọ́la" ló máa tu ẹni tó ń bínú lójú. Lọ́la á dé, iṣẹ́ ò ní dé. Ọjọ́ tuntun gbọ́dọ̀ ti inú iṣẹ́ tó kù jáde. Ẹ wo bí ti atẹ̀wé wa ṣe máa rí.

Ó rí aládùúgbò kan tó máa yá a ní ẹ̀rọ láti aago 6 ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ aláwọ̀ kan ni, torí náà pépà gbọ́dọ̀ kọjá nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin fún iwájú, lẹ́ẹ̀mẹrin fún ẹ̀yìn kí àwọ̀ tó pé. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ́nà 1,200 jẹ́ 9,600. Tí ẹ̀rọ náà bá ń tẹ 3,000 ní wákàtí kan, ìyẹn máa gba wákàtí 3 ó lé díẹ̀. Wọ́n tún máa pààrọ̀ pléètì kí wọ́n sì fọ ẹ̀rọ nígbà mẹ́jọ. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú 25, wákàtí 3 míì tún ti lọ, ó tún lé ní ìṣẹ́jú 20. Iwájú ní láti gbẹ díẹ̀ kí wọ́n tó yí i sẹ́yìn, ẹ fi wákàtí 2 síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 8 àbọ̀. Aago 2 àbọ̀ òru ni wọ́n máa tó parí.

Yíǹkì gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí wọ́n tó ká pépà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú ewé kan á yí ojú ewé kejì ní àbàwọ́n. Ẹ jẹ́ ká ní aago 12 ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, tí wọ́n á máa tò ó, tí wọ́n á fi wáyà rán an, tí wọ́n á sì gé etí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lè parí 100 ní wákàtí kan. Láti aago 12 sí aago 8 alẹ́ Ọjọ́bọ̀, 800 á ti jáde. 400 tó kù á parí ní aago 12 ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì.

Ó wá kù bó ṣe máa sọ ọ́ fún màmá. Ìdánwò tó wà níbẹ̀ ni kó sọ pé gbogbo rẹ̀ máa dé ní aago 12 ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, torí ohun tí ìṣirò sọ nìyẹn. Àmọ́ ìṣirò yẹn ò fi àyè sílẹ̀ fún ohunkóhun. Tí iná bá lọ ní wákàtí 2, tí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀ láti dìde, ó tún ti pàdánù àdéhùn kejì nìyẹn. Ẹni tó gbọ́n máa ṣèlérí 600 ní aago 10 àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí 800 yẹ kó ti wà nílẹ̀. Á sì ṣèlérí 600 tó kù ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, tó jẹ́ wákàtí 5 lẹ́yìn ìgbà tí iṣẹ́ yẹ kó parí. Ìlérí méjèèjì ṣì bọ́ sí iwájú òde. Tí ìwé bá wá dé ṣáájú, ayọ̀ oníbàárà ni.

Ó kù ohun kan: tí iṣẹ́ òru yẹn bá tún já kulẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀bẹ̀ tó ní ètò gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè yìí kí wọ́n tó bi í. Ojú ewé 16 péré ló kù, torí náà kò pọn dandan kí wọ́n tún gbogbo ìwé náà tẹ̀. Wọ́n lè gbé ojú ewé 16 yẹn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé, tí àwọn ará Ṣómólú ń pè ní dí-áì. Pépà A3 méjì ló máa gba ojú ewé 16, torí náà pépà 400 máa tó fún ìwé 200. Ìyẹn á kárí tábìlì ọlọ́lá àtàwọn àlejò pàtàkì. Owó rẹ̀ ga ju ti ẹ̀rọ ńlá lọ, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lè fi ṣe 1,200. Àwọ̀ rẹ̀ náà lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ìyókù, ó sì yẹ kí oníbàárà gbọ́ ìyẹn ṣáájú.

Ó yẹ kí ipè ṣáájú lẹ́tà. Atẹ̀wé á kọ́kọ́ pe màmá, á gba ìbínú rẹ̀ láìjiyàn, á sì sọ pé òun ń kọ ọ́ ránṣẹ́ báyìí. Ímeèlì á tẹ̀ lé e láàárín wákàtí kan, torí òun ni màmá máa fi han alága àtàwọn ìgbìmọ̀. Orí ímeèlì tí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kó ti tẹ Reply, kí àdéhùn àtijọ́ àti ètò tuntun lè wà lójú kan. Síbẹ̀, kó yí ohun tó wà níbi Subject padà, kí ẹni tí ò tíì ṣí i pàápàá ti mọ ọ̀rọ̀. Bó ṣe lè rí nìyí. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ tiyín, ètò kan náà ni:

Subject: Ìwé ìrántí ò bá àdéhùn òní: 600 máa dé l'Ọ́jọ́ Ẹtì aago 10 àárọ̀, 600 ní aago 5 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, mà.

Àdéhùn wa ni pé ìwé ìrántí 1,200 máa tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní aago 4 òní, Ọjọ́rú. Kò tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ forí jì wá.

Rólà ẹ̀rọ wa bàjẹ́ ní aago 10 àárọ̀. Ó yẹ ká pè yín lójú ẹsẹ̀, a ò pè. Ẹ tún pè wá lẹ́ẹ̀mejì, a ò gbé e. Ẹ̀bi wa nìyẹn. Mo mọ̀ pé ó ti da ètò báàgì dídì tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe lọ́la rú.

Ibi tí iṣẹ́ dé: èèpo 1,200 ti parí. Ojú ewé 32 nínú 48 ti jáde. 16 ló kù.

Ohun tí à ń ṣe: a ti rí ẹ̀rọ míì, iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀ ní aago 6 ìrọ̀lẹ́ yìí. Ọ̀la la máa bẹ̀rẹ̀ sí í di ìwé pọ̀. 600 máa dé ní aago 10 àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, 600 tó kù ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà.

Màá pè yín ní aago 9 àárọ̀ ọ̀la láti sọ ibi tí iṣẹ́ òru dé. Tí kò bá tíì parí nígbà yẹn, a máa fi kọ̀ǹpútà tẹ ojú ewé 16 náà fún ìwé 200, kí tábìlì ọlọ́lá àtàwọn àlejò má bàa ṣófo. Àwọ̀ rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀. Àwa la máa san owó ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín, mà: ṣé ilé yín ni ká gbé ìwé wá ni, àbí gbọ̀ngàn òde? Tí a ò bá gbọ́ nǹkan kan títí aago 12 ọ̀sán ọ̀la, ilé yín la máa gbé e wá. Owó ọkọ̀ wà lọ́rùn wa.

Ẹ má bínú, mà.

Ẹ wo ohun tí lẹ́tà yìí ṣe. Ìdí tí iṣẹ́ fi pẹ́ ò gbà ju gbólóhùn kan lọ. Kò sí ìtàn iná, kò sí ìtàn mẹkáníìkì. Ó dárúkọ ìpalára tó ṣe gan-an, ìyẹn báàgì dídì, kí màmá lè mọ̀ pé wọ́n rí wàhálà òun. Ó wá sọ ohun tó ti wà nílẹ̀ kó tó sọ ohun tó kù. Ìbéèrè ẹyọ kan ló bi í, ó sì sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí kò bá dáhùn, torí ẹni tórí ń gbóná ò ní ráyè dáhùn ìbéèrè márùn-ún.

Ohun kan wà tí kò sí níbẹ̀ tó yẹ ká sọ̀rọ̀ lé. Ká ní màmá ti fi ọjọ́ méjì pẹ́ kó tó dá ẹ̀dà àyẹ̀wò padà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọwọ́ atẹ̀wé máa ń yún un láti kọ ìyẹn sí i: "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ pẹ́." Kó má kọ ọ́. Òótọ́ lè ni, ṣùgbọ́n tó bá ti wọ inú lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, lẹ́tà náà ti di ẹjọ́ nìyẹn, ìgbìmọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó jẹ̀bi dípò kí wọ́n máa múra òde. Lẹ́yìn òde, tí wọ́n bá ń ṣírò owó, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀dà àyẹ̀wò ti bọ́ sí i. Iṣẹ́ míì wà, àmọ́ ṣá o, tí ìpẹ́ oníbàárà máa ba ètò tuntun jẹ́. Bí àpẹẹrẹ, tí ojú ewé kan bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tẹ́ ẹ nílò: "A nílò ojú ewé 12 kó tó di aago 8 alẹ́ òní."

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ máa ń sáré kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́: "A máa yọ owó fún yín." Lójú oníbàárà tí òde rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta, ó dà bíi pé wọ́n fẹ́ fi owó díẹ̀ ra ìtìjú tó fẹ́ kàn án. Ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ ni ìwé. Ẹ gbé ìnáwó tó bá ìṣòro náà mu, bí owó ọkọ̀ àti ti ìwé 200 yẹn, ka orí ara yín ná. Tí iṣẹ́ bá ti dé, ẹ lè jọ sọ ohun tẹ́ ẹ máa yọ nínú owó tó kù.

Ètò yìí ní ibi tó mọ. Tí iṣẹ́ náà bá ní ìwé àdéhùn tó sọ iye owó ìtanràn fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fi pẹ́, tàbí tó sọ pé oníbàárà lè já àdéhùn tí ọjọ́ bá ti kọjá, ẹ ka abala yẹn kẹ́ ẹ tó fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò fojú kàn án tí owó ibẹ̀ bá pọ̀, torí ohun tẹ́ ẹ bá kọ lè di ẹ̀rí. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ má bẹ̀bẹ̀ o. Ẹ ṣì lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tí iṣẹ́ dé àti ọjọ́ tuntun, láìṣèlérí owó tẹ́ ẹ ò tíì bá ẹnikẹ́ni jíròrò. Bákan náà, ẹ má ṣe kọ ètò tó dá lórí ẹlòmíì tí kò tíì gbà. Ká ní aládùúgbò tó ni ẹ̀rọ sọ pé "màá wò ó ná," atẹ̀wé ò tíì ní ètò kankan nìyẹn.

Èyí tó wá le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni aago 9 àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Tí iṣẹ́ òru bá já kulẹ̀, atẹ̀wé á pè tipátipá. Tó bá wá lọ dáadáa, ibẹ̀ ló ti máa ń ṣe é bíi pé kò sídìí láti pè mọ́, ìwé ṣáà ń bọ̀. Kó pè. Màmá ti gbọ́ ìlérí kan lẹ́nu rẹ̀ tí kò ṣẹ, ipè aago 9 yìí sì ni ìlérí àkọ́kọ́ tó lè mú ṣẹ lẹ́yìn rẹ̀, ó kéré, kò sì náni ju káàdì fóònù lọ. Tó bá dún ní aago 9 géérégé, màmá á lè sùn l'Ọ́jọ́bọ̀ láìròyìn òde mọ́. Tí kò bá dún títí aago 9 ààbọ̀, màmá á ti máa wá nọ́ńbà atẹ̀wé míì.